Adìẹ ló kọ́kọ́ sọ fún mi

Aago márùn-ún ìdájí kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn mi. Oṣù Keje ni, ní Ìbàdàn, òjò sì ti ń rọ̀ láti nǹkan bí aago méjì òru. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, àbúrò Ìyá Ìbejì tó ń gbé ilé kejì sí wa ni mo bá, ó fara ti ògiri bí ẹni tó mutí yó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa délé. Gbogbo wa là ń bì. Bàbá Ìbejì ò tilẹ̀ dáhùn mọ́."

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àdúgbò ò gbà pé mo fẹ̀yìn tì. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo mú tẹmọ́mítà, mo tẹ̀lé e. Lójú ọ̀nà mo bi í léèrè ohun tí wọ́n jẹ lálẹ́. Ó ní mọ́ínmọ́ín ni. Kí n tó fo gọ́tà wọlé wọn, mo ti pinnu lọ́kàn mi pé mọ́ínmọ́ín yẹn ló bà jẹ́. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ènìyàn mẹ́fà ló sùn nínú ilé náà. Bàbá Ìbejì àti ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, wà ní yàrá tó sún mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn jù lọ. Ìyá àgbà àti àwọn ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà ní yàrá kejì. Àbúrò ìyàwó sùn sórí àga ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn iwájú tí kò tì dáadáa. Ẹ fi ibi tí oníkálùkù sùn sí yìí sọ́kàn, torí bí àìsàn náà ṣe le tó lára kálukú wọn bá a mu rẹ́gí. Ẹni tó sùn sí pálọ̀ ló lè rìn wá pè mí. Ẹni tó sùn nítòsí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kò dáhùn mọ́.

Mo wọ yàrá àwọn ọmọ. Táíwò ń sunkún pé orí ń fọ́ òun, Kẹ́hìndé ti bì sára aṣọ, ara rẹ̀ rọ jọwọrọ. Mo ki tẹmọ́mítà bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo jókòó, mo ń dúró. Ó fi 36.5 hàn. Kò sí ibà. Mo ki í bọ abẹ́ apá Táíwò náà, bákan náà ló rí. Ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Nọ́ọ̀sì, èmi ò mọ irú èyí o. Nígbà tí mo jáde lọ ṣe àlùwàlá láago mẹ́rin, orí mi fúyẹ́, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo wọlé padà báyìí, kò pẹ́, èébì tún gbé mi." Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò fetí sí i. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó mi. Àìsàn tó ń lọ nígbà tí èèyàn bá bọ́ síta, tó sì ń padà nígbà tó bá wọlé, inú ilé ló wà, kì í ṣe inú ikùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo fi ṣòfò níbẹ̀. Nígbà tí mo dìde, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ò mọ ilẹ̀ dáadáa, nǹkan kan sì ń lù mí ní ìpàkọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti lọ wo Bàbá Ìbejì. Ẹsẹ̀ mi kọ agbọ̀n kan. Adìẹ mẹ́ta tí ìyá àgbà ń sìn ló wà lábẹ́ rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti na ẹsẹ̀, méjì ti kú fin-ín. Adìẹ ò bá wọn jẹ mọ́ínmọ́ín. Ibẹ̀ ni mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, mo sì rí jẹnẹrétọ̀ kékeré náà lẹ́yìn agbọ̀n, ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú sí ilé.

Ẹyẹ àti ẹran kékeré ń mí kíákíá ju ènìyàn lọ, nítorí náà àwọn ni irú afẹ́fẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakùsà èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń gbé ẹyẹ kékeré aláwọ̀ òféfèé kan wọ inú kòtò lọ. Bí ẹyẹ bá ṣubú, wọ́n á sá jáde. Ọdún 1986 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀. Adìẹ ìyá àgbà ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ mọ́, epo ti tán nínú rẹ̀. Ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi ronú kàn án nìyẹn: kò pariwo mọ́. Ìyá Ìbejì ń ta ẹja dídì, iná sì ti lọ láti ọ̀sán, fírísà ò sì gbọ́dọ̀ yọ́. Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, ni wọ́n sábà máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Òjò dé láago méjì, Bàbá Ìbejì sì rántí pé wọ́n ti jí ti ẹnìkan gbé ládùúgbò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wọ́ ọ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀ kí èéfín lè máa jáde, ó ti gbogbo fèrèsé nítorí òjò, ó padà sùn. Mo rò pé àlàfo ilẹ̀kùn díẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò tó láti lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Ẹ̀rọ kú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, àmọ́ ohun tó ti tú sínú ilé ò bá a kú.

Afẹ́fẹ́ tí mo ń sọ ni kábọ́ònù mónókísáìdì, tí àwọn oníṣègùn ń kọ ní CO. Ó máa ń jáde níbikíbi tí epo, igi tàbí èédú bá ti ń jó láìrí afẹ́fẹ́ tó. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Òórùn tí ẹ máa ń gbọ́ lára jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ti àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú èéfín. Ìkòkò èédú tó ti pọ́n dáadáa lè máa tú CO síta láìsí èéfín kankan lójú. Bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ọ́síjìn kiri. Ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po igba. Ẹ fojú inú wo dánfó tí gbogbo ìjókòó rẹ̀ ti kún fún èrò tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀: ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹni tó yẹ kó gbé. Ọpọlọ, ọkàn àti oyún inú ni ebi ọ́síjìn ń kọ́kọ́ pa.

Ara ò ní àmì àrà ọ̀tọ̀ kan tí yóò fi sọ fún yín. Orí á fọ́, òòyì á kọ́ni, inú á máa ru, èébì á dé, orúnkún á yẹ̀, èèyàn á máa sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ kó má mọ ohun tó ń sọ, oorun á máa gbé e. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára lè sọ pé àyà ń dun òun. Gbogbo ìyẹn jọ ibà, ó jọ májèlé, ó tún jọ ohun tí wọ́n ń sọ pé "wọ́n ti ń bá wa jà nílé". Àwọn ìwé kan sọ pé awọ ara máa ń pọ́n yòò. Mi ò rí i lára ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dè é. Bó bá tiẹ̀ hàn, ó sábà máa ń jẹ́ nígbà tí ọwọ́ ti bọ́. Inú ilé ni ẹ ti máa rí àmì rẹ̀: ẹni tó ju ọ̀kan lọ ló ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn ò gbóná, ó fúyẹ́ nígbà tí wọ́n jáde, ohun kan sì ń jó tàbí ó ti jó nínú ilé tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Májèlé inú oúnjẹ kì í sábà mú ẹni tí kò jẹ nínú oúnjẹ yẹn, kò sì mọ ibi tí ẹ sùn sí.

Mo pariwo: "Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde síta báyìí!" Mo gbé Kẹ́hìndé, ìyá àgbà fa Táíwò, a bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú lábẹ́ páànù. Bí mo ṣe ń jáde, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú gbayawu, mo sì ṣí fèrèsé pálọ̀ sílẹ̀. Àbúrò ìyàwó fẹ́ sáré padà wọlé láti gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dì í mú. Òun náà ti mu nínú afẹ́fẹ́ yẹn fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Bó bá ṣubú sínú ilé, ẹni méjì la máa wá gbé. Èyí ló ń pa àwọn olùrànlọ́wọ́ jù: wọn ò gbóòórùn nǹkan kan, wọ́n rò pé kò sí nǹkan kan.

Mo ké sí àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbé òdìkejì, tí ara wọn dá ṣáṣá. Ọ̀kan gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fi igi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí pátápátá láti ìta, ó sì ṣí fèrèsé yàrá. Atẹ́gùn òjò gba inú ilé kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wọlé pọ̀, wọ́n mí kanlẹ̀ níta kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, wọn ò dúró wá bàtà tàbí fóònù. Ìyá Ìbejì lè rìn bí a bá dì í mú. Bàbá Ìbejì wúwo, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó dùbúlẹ̀ lé wọ́ ọ jáde. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, ẹni tó gba ẹ̀yìn yẹn ni ì bá pa á, bó bá ṣeé ṣe láìwọlé; bí kò bá ṣeé ṣe, ènìyàn là bá kọ́kọ́ gbé, ẹ̀rọ á dúró.

Níta, mo gbá Bàbá Ìbejì léjìká, mo pè é sí etí méjèèjì. Ó kùn, kò la ojú. Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sí ẹnu rẹ̀, mo ń wo àyà rẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó ń mí, bí ẹni tó ń hanrun. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo tẹ orúnkún tòkè síwájú kó má bàa yí padà, mo dá ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí èébì lè máa ṣàn jáde. Kò pẹ́ tó fi bì lóòótọ́. Ká ní ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ ni, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ì bá lọ. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà jókòó tì í, kó má ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

Bí kò bá mí ni, ọwọ́ mi méjèèjì ì bá wà láàárín àyà rẹ̀, ní títẹ̀ tó jìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, lọ́nà tí yóò tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30, màá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, màá tún padà sí títẹ̀, títí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ yóò fi dé. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé kò débẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àwọn ará àdúgbò ti dé pẹ̀lú oògùn ọwọ́ wọn. Ọ̀kan gbé epo pupa, ọ̀kan já agolo mílíìkì, ọ̀kan ti bu omi tútù sínú garawa. Mo lé wọn. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n epo àti mílíìkì ò rí ohunkóhun ṣe sí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ náà ò gba ikùn wọlé. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ ò lè gbé mì. Ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu yóò gba ọ̀nà èémí lọ. Màmá kan ní kí n fi ata sí i nímú. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wa bo àwọn ọmọ, òtútù ń mú wọn." Ó ṣe é, ó sì wúlò ju ata lọ.

Mo ti ní kí àbúrò ìyàwó pe 112, kó sọ ohun mẹ́ta: pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, pé ẹni mẹ́fà ni, pé ọ̀kan ò mọ ara rẹ̀ àti pé aláboyún wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó ti di mẹ́rin. Ohun tí mo sì sọ fún un náà nìyẹn. Èmi fúnra mi pe ilé-ìwòsàn tó sún mọ́ wa, ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n: ṣé ọ́síjìn wà ní sílíńdà? Wọ́n ní ó wà. Awakọ̀ máíkírà méjì ládùúgbò ti ń múra iṣẹ́ àárọ̀, a sì rò ó pé ibẹ̀ ò jìnnà, a ò ní dúró. A ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò kọ́kọ́ lọ dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá Ìbejì ti jókòó, ó ní, "Ara mi ti yá, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n dúró ti ẹja mi." Mo fi òun náà sínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún máa ń di CO mú ju ti ìyá lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá lè máa rẹ́rìn-ín kí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ má tíì bọ́ nínú ewu. Aláboyún tó bá mu nínú èéfín yìí, bó ti wù kó kéré tó, ilé-ìwòsàn ni kó lọ. Àwọn ọmọ àti ìyá àgbà tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ kejì.

Ní ilé-ìwòsàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan há ẹ̀rọ kékeré mọ́ ìka Bàbá Ìbejì. Ó fi 98 hàn. Ó yípadà sí mi, ó ní, "Ọ́síjìn wọn pé, Mà." Mi ò bínú sí i, ẹ̀rọ yẹn ló purọ́ fún un. Iná tí ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú ìka kọjá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti ẹ̀jẹ̀ tó gbé CO, ó ń ka méjèèjì sí ọ̀kan. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ níwájú dókítà: jẹnẹrétọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, aago méjì sí aago mẹ́rin ààbọ̀, fèrèsé títì, ẹni mẹ́fà, adìẹ méjì kú. Dókítà ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ní kí wọ́n gbé ìbòmú tó ní àpò nísàlẹ̀ wá, kí wọ́n ṣí ọ́síjìn sí lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn CO nínú ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ìtàn tí a sọ ló fi ṣiṣẹ́.

Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ pé kí ẹ máa kọ aago sílẹ̀. Bí èèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ ìta lásán, ó máa ń tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì CO inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lọ. Pẹ̀lú ọ́síjìn gidi láti inú ìbòmú yẹn, ó ń súnmọ́ wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Afẹ́fẹ́ ìta là fi gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ló ń lé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ jáde kíákíá.

Bàbá Ìbejì la ojú ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ó bèèrè ẹni tó wà nídìí fírísà. Wọ́n fi Ìyá Ìbejì sórí ọ́síjìn pẹ́ ju ọkọ rẹ̀ lọ, wọ́n ń gbọ́ ọkàn ọmọ lóòrèkóòrè. Ó bí i ní oṣù Kẹsàn-án, obìnrin ni, igbe rẹ̀ sì dún. Ìyá àgbà àti àwọn ìbejì padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Orí mi fọ́ títí di ọ̀sán, nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan tí mo fi jókòó ti tẹmọ́mítà.

Mo rò pé ó ti tán. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìyá Ìbejì wá bá mi, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ó ní ọkọ òun ń fún àwọn oníbàárà ní ṣéńjì tó pọ̀ ju owó tí wọ́n mú wá lọ, ó ń bínú láìnídìí, ó sì bèèrè orúkọ Kẹ́hìndé lọ́wọ́ òun. Àwọn ẹbí ti ń sọ pé ẹnìkan ti fi nǹkan ṣe é. Mo ní kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe é, ìyókù èéfín ọjọ́sí ni. Ìpalára yìí lè ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn nínú ọpọlọ ní ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ara ti yá, pàápàá fún ẹni tó dákú. A dá a padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni orí rẹ̀ ń padà, ó gba oṣù mélòó kan.

Jẹnẹrétọ̀ ti wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé báyìí, a fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó lé ní mítà mẹ́fà sí fèrèsé èyíkéyìí, ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí oko. Bàbá Ìbejì ní kí alágbẹ̀dẹ ṣe àgò irin fún un, ó ní páànù lórí nítorí òjò, ó ní àgádágodo nítorí olè. Ìyá àgbà ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbé e fún Bàbá Ìbejì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e pamọ́ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ò rántí.